Èwo Ló Ń Kán Wa Lójú, Èwo Ló Ṣe Pàtàkì?

Ọ́fíìsì tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Ká ní Ìbàdàn ni tiwa wà, pé ogún òṣìṣẹ́ ló ní, àti pé tábìlì àti àga ni wọ́n ń kàn fún ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Akáwùntáǹtì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, obìnrin tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Àǹtí. Òun ló ń san owó oṣù, òun ló ń kọ rìsíìtì, òun náà ló tún ń dá oníbàárà lóhùn bí fóònù bá dún. Ọjọ́ Ajé la bá a, ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé. Owó oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti wọ àpò àwọn òṣìṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30.

Kò tíì jókòó dáadáa tí ìpè fi bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan ní Òṣogbo fẹ́ kí wọ́n tún ìwé iye owó ọjà rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti sọnù. Dírẹ́bà dúró lẹ́nu ọ̀nà, owó epo ló ń béèrè. Ọ̀gá pè láti ilé pé kí wọ́n ya fọ́tò àga tuntun fún òun, ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ wò ó, "kíá kíá o!" Íńkì tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà Àǹtí tí kò pe ẹnikẹ́ni, tí kò sì kan ilẹ̀kùn: àtẹ owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ fún oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni owó náà gbọ́dọ̀ ti wọlé. Àǹtí wò ó, ó ní, "Èyí ṣì ní ààyè," ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ náà ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i lọ́jọ́ Ajé.

Iṣẹ́ tó ń kánni lójú ni èyí tí àsìkò rẹ̀ ti dé tán, tí ẹnì kan sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ tó ń pariwo. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì ni èyí tó jẹ́ pé bí a kò bá ṣe é, ohun kan máa bàjẹ́ tí kò ní rọrùn láti tún ṣe, ìbáà ṣe owó, orúkọ, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn tàbí ìdúró wa níwájú òfin. Aago la fi ń mọ ti àkọ́kọ́, àbájáde la fi ń mọ ti èkejì. Iṣẹ́ kan lè ní méjèèjì, ó lè ní ọ̀kan, ó sì lè máà ní ìkankan rárá.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ògún ọdún 1954, Dwight Eisenhower tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà bá àpérò àgbáyé àwọn ìjọ Kristẹni sọ̀rọ̀ ní ìlú Evanston, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó ní ẹnì kan tó ti jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga rí sọ pé oríṣi ìṣòro méjì lòun ní: èyí tó ń kán òun lójú àti èyí tó ṣe pàtàkì, pé èyí tó ń kánni lójú kì í ṣe pàtàkì, èyí tó ṣe pàtàkì kì í sì í kánni lójú. Wọ́n ń fi orúkọ Eisenhower pe àpótí oníyàrá mẹ́rin tí àwọn olùkọ́ ìṣàkóso ń yà sára pátákó, ṣùgbọ́n ìwé Stephen Covey tó jáde lọ́dún 1989 ló gbé àpótí náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Yàrá kìn-ín-ní gba ohun tó ní méjèèjì, ìkejì gba ohun tó ṣe pàtàkì tí kò tíì kánjú, ìkẹta gba ohun tó ń pariwo lásán, ìkẹrin gba ohun tí kò ní ìkankan.

Àpótí náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Eisenhower tún sọ yẹn le jù. Ọ̀gágun tó darí bí àwọn ọmọ ogun ṣe gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún 1944 mọ̀ dájú pé ohun kan lè ṣe pàtàkì kó sì tún máa kánni lójú. Nínú ọ́fíìsì náà, ohun tó ṣe pàtàkì kì í sùn títí láé. Bí a bá pa á tì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa fò dìde, tí yóò sì wá pariwo ju gbogbo ìyókù lọ.

Kí ló wá dé tí ènìyàn tí orí rẹ̀ pé fi máa ń gbá lé èyí tó kéré? Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Meng Zhu, Yang Yang àti Christopher Hsee, tẹ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ méjì síwájú àwọn ènìyàn pé kí wọ́n mú ọ̀kan. Ọ̀kan ní èrè tó kéré, àsìkò rẹ̀ sì máa tó tán. Ìkejì ní èrè tó pọ̀ jù, ààyè sì wà fún un dáadáa. Kò sí ìdí gidi kan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi mú èyí tí èrè rẹ̀ kéré, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló mú un, torí pé àsìkò rẹ̀ ń tán lọ. Àwọn tó ka ara wọn sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ni ó mú jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú kí àwọn ènìyàn ronú nípa èrè iṣẹ́ méjèèjì lásìkò tí wọ́n fẹ́ yàn, àṣìṣe náà dín kù. Èyí fi hàn pé ojú wa máa ń kúrò lára èrè, á lọ sára aago, láìjẹ́ pé a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àǹtí, ká wo àwọn ohun mẹ́rin tó dé bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí pé ariwo wọn dọ́gba ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Oníbàárà Òṣogbo jẹ wọ́n ní gbèsè, ìwé yẹn ló sì fẹ́ mú lọ síwájú ọ̀gá tirẹ̀ kí wọ́n lè buwọ́ lù ú láti sanwó. Ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, ó sì ṣe é. Owó epo dírẹ́bà náà tọ̀nà, nítorí àga ọmọ ilé ìwé ló wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀. Fọ́tò ọ̀gá kò ní nǹkan kan nínú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sọ pé òun fẹ́ ra ohunkóhun, ọ̀sán tàbí ọ̀la kò sì ní yí nǹkan kan padà. Síbẹ̀ òun ló gba àárọ̀ náà mọ́ Àǹtí lọ́wọ́, torí pé wọ́n kọ́kọ́ ní láti nu eruku ara àga, wọ́n tún ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kí fọ́tò lọ. Ohun tó fi wọlé ju ìyókù lọ ni ẹnu ẹni tó ti jáde.

Ìwé ìfẹ̀yìntì tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ńkọ́? Òfin ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ fi ó kéré tán 8% sílẹ̀ nínú àpapọ̀ owó oṣù ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ sì fi ó kéré tán 10% kún un. Bí àpapọ̀ yẹn bá jẹ́ náírà 100,000, òṣìṣẹ́ yóò fi 8,000 sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò fi 10,000 sí i, ó di 18,000. Bí òṣìṣẹ́ ogún bá ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, ó di náírà 360,000 lóṣù. Òfin náà sọ pé owó yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti jáde. Owó oṣù jáde lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà láti ọjọ́ Ajé la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, a ó fo Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ keje sì bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10. Ọjọ́ 10 oṣù yẹn kan náà ni PAYE, ìyẹn owó orí tí wọ́n ti yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀.

Bí a bá fi aago nìkan wò ó, òótọ́ ni Àǹtí sọ. Láti Ajé sí Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ààyè wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà máa gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti máa ń ṣìrò. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àtẹ kan gbọ́dọ̀ bá a lọ tó ní orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RSA, iye tí òun fi sílẹ̀ àti iye tí ilé-iṣẹ́ fi kún un. Láìsí nọ́ńbà yẹn, owó kò mọ ẹni tó ni ín. Nínú òṣìṣẹ́ ogún náà, méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọ̀kan ti ní àkáǹtì láti ibi iṣẹ́ tó ti kúrò, ṣùgbọ́n kò rántí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ìkejì kò tíì ṣí àkáǹtì rí, orúkọ tó sì wà lórí NIN rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́.

Nítorí náà, ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó máa parí, àárọ̀ ọjọ́ Ajé gan-an ni. Kì í ṣe pé kí Àǹtí jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ohun tó kù kò ju kó pe àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì wọlé, kó sọ fún ọ̀kan pé kó pe ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó sì ní kí ìkejì lọ tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun sì lè máa bá ariwo ọ̀sẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan "ṣì ní ààyè" nìyí: ká ka iye ọwọ́ tó máa gbà kọjá, ká yọ ọjọ́ tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà kúrò nínú ọjọ́ tó kù.

Àǹtí kò rántí wọn àfi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ṣẹlẹ̀ kó tó dìgbà yẹn.

Ní Ọjọ́rú, Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá, inú rẹ̀ ń dùn. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ń wá ẹni tó máa kan ibùsùn àti àga fún wọn. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, ní aago méjìlá ọ̀sán, ni àpótí tẹ́ńdà máa pa. Nínú ìwé tí wọ́n béèrè, ìwé ẹ̀rí PenCom ti ọdún yìí wà níbẹ̀, ìyẹn èyí tí àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì máa ń fún ilé-iṣẹ́ tó bá pa òfin mọ́. Wọ́n ní ti èṣí, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ máa ń kú. Láti gba tuntun, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti san owó ìfẹ̀yìntì fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àti pé òun ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún gbogbo òṣìṣẹ́, tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́dún ó kéré tán. Wọ́n tú fáìlì. Ìbánigbófò náà ti tán nínú oṣù Ọ̀pẹ̀. Lẹ́tà aláròóbọ̀ tó kìlọ̀ fún wọn wà nínú àtẹ ìwé láti oṣù Belu, wọn kò tilẹ̀ tíì ya àpòòwé rẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe di iná tó ń jó. Ní oṣù Belu, lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì, kò sì kán ẹnikẹ́ni lójú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọjọ́ kan fún un sínú ìwé àkọsílẹ̀, sọ̀wédowó kan ni ì bá parí rẹ̀. Ní Ọjọ́rú yìí, aláròóbọ̀ ń béèrè àkọsílẹ̀ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ kó tó lè sọ iye rẹ̀. Àǹtí ni yóò ṣe é. Àǹtí kan náà ni yóò tún wá rìsíìtì ọdún mẹ́ta jáde. Àtẹ oṣù Ṣẹ́rẹ́ sì ń dúró de òun náà.

Àwọn kan máa ń fi iye owó ìtanràn díwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ṣe pàtàkì tó, èyí sì máa ń tàn wọ́n jẹ. Ìtanràn owó ìfẹ̀yìntì tó bá pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí 2% owó tí wọ́n kò san, lóṣooṣù. Lórí náírà 360,000, náírà 7,200 nìyẹn. Ọ̀gá lè rẹ́rìn-ín sí i, kó ní kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n ohun tó so mọ́ ọn ni ìwé ẹ̀rí, ohun tó so mọ́ ìwé ẹ̀rí ni tẹ́ńdà, àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò wọlé sì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn iṣẹ́ ní láti tẹ̀ lé e dé ibi tó máa já sí.

Ọjọ́bọ̀ dé, Àǹtí ṣì wà lórí àkọsílẹ̀ aláròóbọ̀ nígbà tí Ọ̀gá gbé nǹkan mìíràn sórí tábìlì rẹ̀: ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi àjọ̀dún ìparí ọdún. Ó ní kó bá òun ṣírò rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òun nílò rẹ̀ lónìí. Ibí yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ nípa àpótí oníyàrá mẹ́rin ti máa ń kọlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ìwé àwọn òyìnbó ní kéèyàn kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣe é. Ta ni yóò dúró níwájú ọ̀gá tó ń sanwó oṣù rẹ̀, tó sì dàgbà jù ú lọ, tí yóò sọ bẹ́ẹ̀? Àǹtí kò kọ̀. Ó dìde, ó ní:

"Ẹ ṣé, sà. Mo ti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́ sà, àkọsílẹ̀ tí aláròóbọ̀ ń dúró dè nítorí tẹ́ńdà ló wà lọ́wọ́ mi yìí, owó ìfẹ̀yìntì àti PAYE sì gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ti ẹgbẹ́ yìí máa gbà tó wákàtí mẹ́ta. Èwo ni kí n gbé síwájú, sà?"

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Ìpàdé ẹgbẹ́ kúkú di ìparí oṣù. Gbé ìyẹn sílẹ̀ ná."

Ó ti ní "lónìí" tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ́kàn ọ̀gá ló máa ń kán an lójú jù. Ìbéèrè Àǹtí ló jẹ́ kó rí nǹkan mẹ́ta náà pa pọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí wọn, kó sì fúnra rẹ̀ yàn. Ọgbọ́n yìí kò tàbùkù ẹnikẹ́ni, ó sì bá ohun tí ìwádìí ọdún 2018 yẹn rí mu: fi àbájáde síwájú ẹni tó fẹ́ yàn, yóò yàn dáadáa. Ó ní ààlà o. Ọ̀gá mìíràn wà tó máa dáhùn pé, "Ṣe gbogbo rẹ̀." Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ṣáà kọ ohun tó sọ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí òfin ti dá ọjọ́ fún.

Ọ̀nà kan tún wà láti fi mọ̀ pé ọ́fíìsì kan ti ń pa iṣẹ́ pàtàkì tì: pàjáwìrì kan náà á máa padà wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí àkọsílẹ̀ ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì sáré lọ ra jálá kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá, íńkì sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó sáré ra dísù ni gbogbo wọn ń yìn. Kò sẹ́ni tó ń yin ẹni tó fi ọ̀pá wọn ìsàlẹ̀ táǹkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí? Ẹni tó gbàgbé nọ́ńbà rí i gbà lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, owó òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún àti PAYE wọlé. Ti ẹnì kan ṣẹ́ kù, torí orúkọ tí wọn kò tíì tún ṣe. Aláròóbọ̀ mú ìwé ìbánigbófò tuntun wá lọ́jọ́rú, wọ́n béèrè fún ìwé ẹ̀rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí aago méjìlá lu lọ́jọ́ kejì, kò tíì jáde. Tẹ́ńdà kọjá lọ. Bí a bá sì kà á dáadáa, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti pàdánù rẹ̀, oṣù Belu ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù wà. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi "kíá kíá" sílẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an, kí ẹ sì béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.